Ṣé Ká Rà Á Ni, àbí Ká Rán An?

Ọ̀rọ̀ àsọyé níwájú àwọn oníṣòwò àti ahunṣọ ní Ìlọrin

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti Ọ̀fà àti Òmù-Àrán wá, ẹ kú ìrìn o. Alága ti sọ fún mi pé àsìkò tí mo ní kò tó wákàtí kan, nítorí náà mi ò ní í ki oríkì kọ̀ǹpútà fún yín. Ọ̀rọ̀ ọ́dà la fẹ́ sọ: bí èèyàn ṣe ń gbà á, bó ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀, bó ṣe ń mọ ẹni tó ti sanwó yàtọ̀ sí ẹni tó jẹ gbèsè, àti ohun tó yẹ kó ṣe nígbà tí ìwé àti bírò kò bá ká iṣẹ́ náà mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín aṣọ tí wọ́n ti rán sílẹ̀ àti aṣọ tí a mú lọ bá télọ̀. Tí a bá rà á, a ó gbé e wọ̀ lónìí, bí èjìká rẹ̀ bá tiẹ̀ fẹ̀ jù. Tí a bá ní kí wọ́n rán an, ó lè bá wa mu gẹ́lẹ́, télọ̀ sì lè já wa kulẹ̀ lálẹ́ ọdún ku ọ̀la. Ètò kọ̀ǹpútà náà rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀, tí ẹni tó bá fẹ́ á san owó oṣù, á sì máa lò ó. Àwọn mìíràn wà tí a ó pe ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ pé kó jókòó, kó kọ ọ́ fún iṣẹ́ tiwa nìkan. Èmi, télọ̀ ni mí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ara ètò tí mo ń kọ fún èèyàn ni mo ti ń jẹun. Nítorí náà, níbi tí mo bá ti ní kí ẹ má rán, ẹ mọ̀ pé ọwọ́ ara mi ni mo fi ń dí ẹnu ara mi.

Ìtàn tí mo máa sọ, mo kó o jọ láti ara oníbàárà mi mẹ́ta, mo sì yí iye owó inú rẹ̀ padà díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dá ara rẹ̀ mọ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kàn máa pe ẹni náà ní Àláájà. Aṣọ òfì ló ń tà: gèlè, fìlà, ìpèlé, àti agbádá nígbà mìíràn. Ahunṣọ 6 ló ń hun fún un nínú ìlú yìí. Ọ́dà bíi 40 ló ń wọlé fún un lóṣù, tó bá wá di December, á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ó mú ìwé méjì wá bá mi. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti ètò òyìnbó kan tó ń gba dọ́là 29 lóṣù. Èkejì jẹ́ ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní òun á kọ ètò tó péye fún un ní mílíọ̀nù 1.8 náírà, láàárín oṣù mẹ́ta. Ìbéèrè rẹ̀ kò gùn: "Ẹ̀gbọ́n, èwo ni kí n mú?"

Mo ní kó gbé ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó lọ mú ìwé ọ́dà rẹ̀ wá, èyí tó fi ń kọ ọ́ lójoojúmọ́. Inú rẹ̀ kò dùn. Ó ní ìdọ̀tí pọ̀ nínú ẹ̀. Mo ní ìdọ̀tí náà gan-an ni mo fẹ́ rí.

A mú ọ́dà kan, a sì tẹ̀ lé e láti orí dé ìdí. Ìyá ìyàwó kan láti Òmù-Àrán ló pè, ó fẹ́ gèlè 30 aláwọ̀ aró tó ní ìlà wúrà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 12,000 náírà, àròpọ̀ rẹ̀ 360,000. Àláájà kì í ra òwú láìgba ìdajì owó, nítorí náà ó ní kí wọ́n fi 180,000 ránṣẹ́. Owó dé lọ́jọ́ kejì. Ó ra òwú, ó pín in fún ahunṣọ mẹ́ta, mẹ́wàá mẹ́wàá. Gèlè kan lójúmọ́ ló fi ń ṣírò iṣẹ́ ahunṣọ kan, nítorí náà ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n máa lò. Ní ọjọ́ keje, ìyá ìyàwó tún pè: àwọn ará ilé ọkọ ti pọ̀ sí i, ó fẹ́ gèlè 8 kún un. Àláájà tún ra òwú, wọ́n tún hun ún. Nígbà tí ẹrù pé, ìyá ìyàwó san ìyókù, a sì gbé ẹrù sí mọ́tò.

Létí ẹni tí kò sí nínú iṣẹ́ yìí, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹni tó ń hun aṣọ nìkan ló mọ̀ pé ibi gèlè 8 yẹn ni wàhálà wà. Òwú tí a rà lóṣù yìí àti òwú tí a rà lóṣù tó kọjá lè máa jẹ́ orúkọ kan náà, kí àwọ̀ wọn má sì dọ́gba, torí pé ìkòkò aró tí wọ́n ti rẹ ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Lọ́wọ́, ẹ ò ní í mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, nígbà tí obìnrin 38 bá tò sínú oòrùn fún fọ́tò, gbogbo ayé á rí gèlè 8 tó ṣókùnkùn ju ìyókù lọ. Àfi kí òwú àfikún jáde láti inú páálí kan náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi páálí yìí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Lẹ́yìn náà la wá ka gbogbo ìwé ọ́dà oṣù mẹ́ta. Ọ́dà 112 ló wà níbẹ̀. Mo ní kí Àláájà fi bírò pupa sàmì sí gbogbo èyí tó dá ìjà sílẹ̀. Mẹ́sàn-án ni. Mẹ́rin pẹ́ ju ọjọ́ tí ó dá lọ. Mẹ́ta jẹ́ ìjà owó, oníbàárà ní òun ti san, Àláájà ní òun kò rí i. Àwọ̀ ni kò bára mu nínú méjì tó kù.

A wá wádìí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí sì gbà wá ní ọ̀sán kan gbáko. Ìjà owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun kan náà ló fà á: orúkọ tó wà lára tíránsífà kì í ṣe orúkọ ẹni tó fún wa lọ́dà. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó ló sanwó, orúkọ ìyàwó ló wà nínú ìwé, kò sì sí nọ́ńbà tó so méjèèjì pọ̀. Àwọn mẹ́rin tó pẹ́, ọwọ́ ahunṣọ méjì péré ni gbogbo wọn wà. Àwọn méjì yìí ni ilé wọn sún mọ́ ṣọ́ọ̀bù jù, ẹni tí ojú Àláájà bá sì kọ́kọ́ rí ló ń gbé iṣẹ́ fún. Kò síbi tó ti lè rí i pé gèlè 40 ti wà lọ́wọ́ ẹnì kan nígbà tí ẹlòmíràn jókòó lásán. Àwọ̀ méjì tí kò bára mu, ọ̀rọ̀ páálí ni.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Nínú mẹ́sàn-án, mẹ́ta péré ni ètò àràlò lè wò sàn, ó sì lè wò ó sàn dáadáa, torí gbogbo ètò ọ́dà tó wà láyé ló ń fún ọ́dà ní nọ́ńbà, tó sì ń so owó mọ́ nọ́ńbà náà. Mẹ́fà tó kù wà nídìí òfì. Ẹni tó kọ ètò dọ́là 29 kò tíì rí òfì rí.

Ẹ má sì tìtorí ìyẹn sáré lọ bá ọmọkùnrin onímílíọ̀nù 1.8. Mo ka ohun tó kọ pé òun máa ṣe: ojú ìwé tí wọ́n á ti máa wo ọjà, gbígba owó, ríṣíìtì, kíka ọjà tó kù nílẹ̀, áàpù fún oníbàárà, àtẹ̀jíṣẹ́, ìṣirò oṣù, àti "pípín iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́" nísàlẹ̀ pátápátá, ìlà kan ṣoṣo. Ohun tí gbogbo ayé ti ṣe tán ni ọ̀pọ̀ owó náà fẹ́ bá lọ. Èyí tó jẹ́ ti Àláájà nìkan ló gba ìlà kan.

Kí a tó dá ẹjọ́, a dán èyí tí wọ́n ti rán sílẹ̀ wò ná. Mo gbé WooCommerce, ètò ìtajà mìíràn tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀, sórí kọ̀ǹpútà mi, torí èèyàn lè gbé e kalẹ̀ lófẹ̀ẹ́, ibi tí yóò máa gbé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan la ń sanwó fún. Mo ní kí Àláájà má fi ọ́dà tó dára dán an wò, kó mú mẹ́sàn-án tó dìjà yẹn, pẹ̀lú ẹyọ kan tí kò ní wàhálà. Ọ̀nà tí mo mọ̀ láti dán ètò wò nìyẹn. Ẹni tó ń tà á fún yín, ọ́dà tó mọ́ tónítóní ló máa fi hàn yín: ẹnì kan ra bàtà méjì, ó san gbogbo owó, ó lọ. Ẹ bá a mú èyí tó burú jù nínú ìwé yín jáde, kí ẹ ní kó tẹ̀ ẹ́ síwájú yín.

Ohun tí a rí nìyí. Ríṣíìtì àti nọ́ńbà ọ́dà kò ní wàhálà kankan. Ti ìdajì owó ni kò lọ wẹ́rẹ́, torí WooCommerce fúnra rẹ̀ kò mọ ìdajì, àfi tí èèyàn bá ra àfikún sí i. A dọ́gbọ́n sí i: a kọ "ìdajì àkọ́kọ́" sílẹ̀ bí ọjà kan, a kọ "ìyókù" bí ọjà mìíràn, nọ́ńbà ìdajì àkọ́kọ́ sì di nọ́ńbà iṣẹ́ náà títí dé òpin. Kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tó ń bá Àláájà ta ọjà mọ̀ ọ́n lò láàárín ọjọ́ kan. Ibi tí kò ti gbà rárá ni ipò tí ọ́dà wà. Ètò náà ní `Pending payment`, `Processing`, `On hold`, `Completed` àti irú bẹ́ẹ̀. Tí owó bá ti wọlé, ọ́dà á bọ́ sínú `Processing`, á sì wà níbẹ̀ títí ẹrù á fi jáde. Ríra òwú, pípín in, híhun ún, gèlè mẹ́wàá tó dé àti ogún tó kù, inú yàrá kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo rẹ̀ há sí. Inú yàrá yẹn gan-an sì ni ìjà mẹ́fà ti ń ṣẹlẹ̀.

Níbí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń sọ pé: "Ṣebí kí ẹ tú u, kí ẹ fi ti ahunṣọ sínú rẹ̀." Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí èyí, torí mo rí i pé ó ń jẹ owó ju rírà lọ, ó sì ń jẹ owó ju rírán lọ.

Àtúnṣe méjì ló wà. Èkíní ni èyí tí ẹni tó ṣe ètò náà fi àyè sílẹ̀ fún: ẹ lè yí orúkọ ọjà padà, ẹ lè fi ipò kan kún ipò ọ́dà, ẹ lè so owó ọkọ̀ mọ́ ìlú. Àyè inú aṣọ ni èyí, tí télọ̀ ti pa mọ́ síbi ìránpọ̀ kí a lè tú u bí a bá sanra. Èkejì ni kí a ya aṣọ, kí a lẹ aṣọ mìíràn mọ́ ọn. Tí a bá tú inú ètò tí a rà, tí a yí bó ṣe ń ronú padà, ó máa ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ẹni tó ni ín bá gbé ẹ̀dà tuntun jáde lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, yálà kí ẹ̀dà tuntun pa àtúnṣe yín rẹ́, tàbí kí ẹ kọ̀ ọ́ sílẹ̀, kí ihò tí olè ti ń wọlé sì wà níbẹ̀ láìdí.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwa tí a kéré nìyí. Ilé ìtajà oúnjẹ ńlá kan wà ní Jámánì, Lidl lorúkọ rẹ̀. Ní 2011 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ètò ilé iṣẹ́ SAP wọlé, kó lè máa bójú tó ọjà wọn. Lidl ti mọ́ra láti máa ka iye ọjà tó wà nílẹ̀ ní iye tí wọ́n rà á. Ètò náà ní tirẹ̀ máa ń kà á ní iye tí wọ́n máa tà á. Lidl kò fẹ́ yí àṣà rẹ̀ padà, nítorí náà ètò ni wọ́n ń yí. Wọ́n yí i, yí i, ó sì ń wúwo sí i, títí di 2018 tí wọ́n fi í sílẹ̀. Ìròyìn tó jáde nígbà náà sọ pé owó tó ti wọ̀ ọ́ tó mílíọ̀nù 500 owó yúrò. Kíka ọjà ní iye rírà tàbí iye títà, ọ̀rọ̀ tí ìyá alátẹ kan ní Ọjà Ọba lè yanjú kó tó ta gààrí kọ́ńgò kan, òun ló wà nídìí rẹ̀.

Ìwọ̀n tí mo ń lò kò le. Tí iṣẹ́ yín bá lè yí díẹ̀ láti bá ètò mu, láìṣe pé oníbàárà yín pàdánù nǹkan, ẹ yí iṣẹ́. Àláájà gbà láti máa fún gbogbo ọ́dà ní nọ́ńbà, kì í ṣe é tẹ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ohun tí wọ́n ní kí ẹ yí ni ohun tí oníbàárà ń tìtorí rẹ̀ wá, ẹ má yí i, ẹ má sì tú ètò náà nítorí rẹ̀. Ẹ yọ ibẹ̀ jáde, kí ẹ ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ télọ̀ bíi tèmi, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ẹ̀bi tèmi. Kí n tó gbọ́n, mo kọ gbogbo rẹ̀ fún oníbàárà kan, títí kan ibi ìgbowó. Bí ìgbowó orí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé, tí oníbàárà bá san tán, ilé iṣẹ́ tó bá wa gbowó máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà wa pé: "180,000 ti wọlé, nọ́ńbà rẹ̀ nìyí." Tí kọ̀ǹpútà wa kò bá tètè dáhùn pé òun ti gbọ́, wọ́n á tún un rán. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, torí wọn kò fẹ́ kí owó sọnù. Lọ́jọ́ kan, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fà tìkọ̀tìkọ̀, kọ̀ǹpútà wa kò dáhùn lásìkò, iṣẹ́ náà wá lẹ́ẹ̀mejì, ètò tí mo kọ sì kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìdajì owó lẹ́ẹ̀mejì jẹ́ odindi. Ojú ètò fi hàn pé oníbàárà ti san 360,000 pé, ọmọ ṣọ́ọ̀bù gbé ẹrù sí mọ́tò, 180,000 sì wà lójú ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Oníbàárà náà jẹ́ ọmọlúàbí, ó san án. Ká ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ńkọ́?

Ohun tó yẹ kó dá a dúró kò ju ìlà kan lọ:

```sql
ALTER TABLE isanwo ADD UNIQUE (reference);
```

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nọ́ńbà ìsanwó kan kò gbọdọ̀ wọ ìwé lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tó bá gbé e wá lẹ́ẹ̀kejì, kí ìwé lé e padà. Ìlà kan péré, èmi kò sì mọ̀ pé mo nílò rẹ̀ títí ó fi bù mí jẹ. Àwọn tó ń ṣe ètò títà, ó ti bu àwọn náà jẹ lọ́dún pípẹ́ sẹ́yìn, wọ́n sì ti dí i. Ohun tí ẹ ń rà nígbà tí ẹ bá ra ètò tó ti dàgbà nìyẹn: àpá ara ẹlòmíràn. Láti ìgbà náà, mi ò kọ ibi ìgbowó fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó wàyí, ọdún mẹ́ta la ó fi ṣe é, torí ọdún kan ń tan èèyàn jẹ. Mílíọ̀nù 1.8 kì í ṣe òpin. Fóònù ń yí padà, ilé ìfowópamọ́ ń yí ọ̀nà wọn padà, ẹ̀yin náà á fẹ́ nǹkan tuntun. Ìdá kan nínú márùn-ún owó tí a fi kọ ètò lọ́dọọdún ni mo máa ń ní kí èèyàn yà sọ́tọ̀ fún àtúnṣe, èyí jẹ́ 360,000. Lọ́dún mẹ́ta, ó di mílíọ̀nù 2.88. Ti dọ́là 29 ńkọ́? Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní June 2023, dọ́là wà ní nǹkan bí 460 náírà, owó oṣù náà jẹ́ nǹkan bí 13,340. Kò tó ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ tí dọ́là kọjá 1,500, owó oṣù kan náà di 43,500 ó lé. Ètò náà kò fi bọ́tìnnì kan kún un. Ní iye yẹn, ọdún mẹ́ta rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 1.5. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè iye tó jẹ́, ẹ béèrè owó ìlú wo ni wọ́n fi ń gbà á. Ẹ bi ẹni tó fẹ́ kọ ọ́ fún yín náà, torí ó ṣeé ṣe kí ilé tó máa gbé ètò yín sí jẹ́ ti dọ́là, kó má sì sọ.

Àláájà kò mú ìkankan nínú ìwé méjèèjì. Ó gba WooCommerce, wọ́n bá a tò ó ní 250,000, ó sì ń san 72,000 náírà lọ́dún fún ibi tó ń gbé. Ọ́dà, ríṣíìtì àti owó, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Ti ahunṣọ, mi ò kọ nǹkan kan fún un. Mo la ìlà sínú `Google Sheets`: nọ́ńbà ọ́dà, orúkọ ahunṣọ, iye gèlè, nọ́ńbà páálí òwú, ọjọ́ tó gbà á, ọjọ́ tó yẹ kó dá a padà. Ìyẹn nìkan. A bẹ̀rẹ̀ ní February, nígbà tí ọjà rọlẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé ètò tuntun wọlé nígbà tí ọjà bá ń gbóná. Ní 1999, ilé iṣẹ́ ṣokoléètì Hershey ní Amẹ́ríkà gbé ètò tuntun wọlé ní July, oṣù díẹ̀ sí ọdún Halloween tí ọjà wọn máa ń tà jù. Ṣokoléètì wà nínú ilé ìkẹ́rù, ọ́dà tó tó mílíọ̀nù 100 dọ́là sì wà nílẹ̀, wọn kò lè mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn tó fẹ́ ẹ. December tiwa ni Halloween tiwọn yẹn.

Àwọn ìlà inú `Google Sheets` yìí kọ́ wa ju ìpàdé mẹ́wàá lọ. Ọmọkùnrin onímílíọ̀nù 1.8 ti kọ pé ètò òun á máa fi hàn pé iṣẹ́ ahunṣọ ti dé ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún. A fi àyè rẹ̀ sí i, kò sí ahunṣọ kankan tó kọ nǹkan síbẹ̀ láàárín oṣù mẹ́rin. Tí ọwọ́ ẹni bá wà lára òfì, kò ní í máa tẹ fóònù. A yọ ọ́. Ohun tí a kò rò rárá ni Àláájà fi kún un fúnra rẹ̀: orúkọ ọmọ tó gbé òwú lọ, torí òwú máa ń dín lójú ọ̀nà. Ká ní a ti kọ ètò láti ọjọ́ kìíní, a ti sanwó fún èyí tí kò wúlò, èyí tó wúlò kò sì ní í sí níbẹ̀.

Oṣù karùn-ún ló wá fi hàn pé agbára rẹ̀ ti pin. Ẹnì kan fẹ́ to orúkọ ahunṣọ lẹ́sẹẹsẹ, ó yan òpó orúkọ nìkan, ó sì tò ó. Orúkọ sún, nọ́ńbà ọ́dà kò sún. Lójijì, ìwé sọ pé iṣẹ́ Sàlámì wà lọ́wọ́ Yusuf. Àwọn ahunṣọ ló kọ́kọ́ mọ̀, wọ́n ní ẹrù tí ẹ ń béèrè lọ́wọ́ wa kò sí lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí èèyàn mẹ́ta bá ń fọwọ́ kan ìwé kan náà, tí àṣìṣe ọwọ́ ẹnì kan sì lè da gbogbo rẹ̀ rú, ìgbà náà ni kí ẹ pe télọ̀.

Ohun tí mo kọ fún un kò ju ojú mẹ́ta lọ: gbé iṣẹ́ fún, gba iṣẹ́ padà, ta ni iṣẹ́ mélòó wà lọ́wọ́ rẹ̀. 420,000 ni mo gbà. Ó ní òfin kan tí kò sí nínú ètò ọjà kankan: tí ẹ bá fẹ́ fi gèlè kún ọ́dà tó ti bẹ̀rẹ̀, ó máa béèrè nọ́ńbà páálí òwú, tí kò bá sì bá ti àkọ́kọ́ mu, kò ní í gbà. Àláájà wá kọ́ láti máa pa òwú díẹ̀ mọ́ nínú páálí kọ̀ọ̀kan títí ọjọ́ ayẹyẹ á fi kọjá. Nọ́ńbà ọ́dà nìkan ló so ètò kékeré yìí mọ́ WooCommerce. Owó kò wọ ibẹ̀ rárá. Bí ètò mi bá kú lónìí, gbèsè kankan kò ní í sọnù, bó bá sì jẹ́ pé WooCommerce ni Àláájà fẹ́ fi sílẹ̀, kò ní í kan ahunṣọ. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi lo `Google Sheets` àti ètò tuntun pọ̀, a ń fi ọ̀kan yẹ èkejì wò, kí a tó pa ti àtijọ́ tì. Àròpọ̀ gbogbo rẹ̀ lọ́dún mẹ́ta, pẹ̀lú owó àtúnṣe, jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.14.

Alága ti ń wo aago. Mo máa gba ìbéèrè méjì.

Bàbá kan láti Ọ̀fà béèrè: búrẹ́dì ni wọ́n ń ṣe, àwọn alágbàtà 40 ló ń gbé e láràárọ̀, wọ́n sì ń san án nírọ̀lẹ́. Ṣé kí wọ́n kọ ètò? Bàbá, rárá o. Búrẹ́dì mélòó ló gbé, mélòó ló dá padà, èló ló san: ilé búrẹ́dì gbogbo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ra ètò kékeré tó mọ gbèsè oníbàárà, tí wọ́n ń fi náírà san. Kí ẹ tó san owó oṣù kìíní, ẹ wá bọ́tìnnì tí wọ́n kọ `Export` sí, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ rí i pé gbogbo àkọsílẹ̀ yín jáde sínú fáìlì `CSV` tí ẹ lè ṣí níbòmíràn. Tí kò bá jáde, ẹ má rà á, bó ti wù kó dára tó.

Ọmọbìnrin kan dìde lẹ́yìn. Ó ní ẹni tó kọ ètò fún òun ti lọ sí Kánádà, ètò ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni náà ni wọ́n fi forúkọ àdírẹ́sì òun sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pásíwọ̀ọ̀dù gbogbo sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bi í bóyá ó ṣì ń gbé fóònù rẹ̀. Ó ní ó ń gbé e, lóru nìkan. Mo ní kó má bá a jà, kó má sì sọ̀rọ̀ owó. Kó pè é lálẹ́ òní, kó kọ́kọ́ béèrè ẹ̀dà gbogbo àkójọ ọ́dà, torí ìyẹn nìkan ni kò sí ẹni tó lè bá a tún kọ. Tí ìyẹn bá ti dé ọwọ́ rẹ̀, kó ní kí ó gbé àdírẹ́sì náà wá sórí ímeèlì tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kan ètò tí wọ́n kọ gan-an, kó sì wá ẹlòmíràn níbí tó máa gbé e dìde lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kó rí i pé ó ṣiṣẹ́, kí ti Kánádà tó gbàgbé bí ó ṣe tò ó. Ó bi mí bóyá kó ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lálẹ́ kan. Mo ní àkójọ ọ́dà nìkan lálẹ́ òní.